PUBG ń jẹ bátìrì fóònù mi: kí ni mo lè yí nínú sẹ́tíńgì tí eré kò fi ní máa háńgì?

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fóònù Sámúsọ́ǹgì ni mo ń lò, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000 mAh, ojú rẹ̀ sì lè dé 120Hz. PUBG Mobile ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣe lálẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́. Bí iná bá ti lọ ní àdúgbò wa, a kì í mọ ìgbà tí yóò dé, nítorí náà ohun tó bá kù nínú fóònù ni a ó fi ṣeré. Mo ti ṣàkíyèsí pé eré kan ṣoṣo, tí kì í ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, máa ń jẹ 16% lára bátìrì náà. Mo tan `Power saving`, bátìrì sì pẹ́ díẹ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré bẹ̀rẹ̀ sí í háńgì débi pé wọ́n ti máa ń yìnbọn lù mí kí n tó rí ẹni tó yìn ín.

Nínú géèmù náà, `Graphics` mi wà ní `Smooth`, `Frame Rate` sì wà ní `Extreme+`. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù máa ń wà ní òkè pátápátá. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí bátìrì yóò fi pẹ́, tí eré náà yóò sì ṣì máa lọ geere?

Alhaji Ọjà-Ọba

Ọmọ mi, pa gbogbo àwọn áàpù tó ń gba àtúnṣe fúnra wọn lẹ́yìn, kí o sì tan `Data Saver`. Èmi náà ti ní irú ìṣòro yìí, mo máa ń ra dátà ní òwúrọ̀, yóò sì ti tán kí a tó kírun àṣálẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ṣe é báyìí, ara ti tù mí.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Dátà kọ́ ni ìṣòro mi, bátìrì ni. Géèmù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ dátà bí a bá ti wà nínú eré, àyàfi ọjọ́ tí ó bá fẹ́ kí a gba àtúnṣe tuntun.

Adé Ìgbọ̀nà

Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Àkọ́kọ́, tan `Dark mode`, nítorí pé dúdú kì í jẹ iná. Èkejì, kí o tó wọ inú géèmù, ṣí ibi tí àwọn áàpù tí o lò gbẹ̀yìn wà, kí o sì gbá gbogbo wọn dànù, kí o tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, fi `Frame Rate` sílẹ̀ níbi tó wà, kí o kàn dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni olórí ohun tó ń jẹ bátìrì. Bí o bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, wàá rí ìyàtọ̀.

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

Adé, o gba apá kan nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ń jẹ bátìrì lóòótọ́, ó sì yẹ kí a dín in kù. Ṣùgbọ́n nínú géèmù bí èyí, òun kọ́ ni olórí. Iṣẹ́ yíya àwòrán ni.

Àbúrò Òkè-Fìà, nígbà tí o bá yan `Extreme+`, ohun tí o ń sọ fún fóònù ni pé kí ó máa ya àwòrán 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. `Extreme` jẹ́ 60, `Ultra` jẹ́ 40, `High` sì jẹ́ 30. Ọpọlọ fóònù ní láti ṣírò àwòrán kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibi tí ilé wà, ibi tí koríko wà, ibi tí ọ̀tá fara pamọ́ sí. Bí o bá sọ ọ́ di 60, o ti mú ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ yíyà náà kúrò, láìfọwọ́ kan ẹwà àwòrán rárá. Ojú rẹ yóò mọ̀ ọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí o bá ń yí kámẹ́rà kíákíá, lẹ́yìn náà yóò mọ́ ọ lára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn ni pé 90 tí o yàn yẹn kì í dúró ní 90. Ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, yóò lọ geere. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn fóònù yóò gbóná, fóònù yóò sì dín agbára ọpọlọ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Nígbà náà ni iye àwòrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí yóò tún gòkè, tí yóò tún já. Ìyẹn gan-an ni eré tó ń fà, ó sì máa ń bọ́ sí ìparí eré, nígbà tí agbo ti kéré, tí gbogbo ènìyàn ti sún mọ́ ara wọn. 60 tó dúró ṣinṣin sàn ju 90 tó ń já sí 45 lọ fún ẹni tó fẹ́ yìnbọn kó bá ẹni. Bí o bá rí i pé ojú fóònù ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án, ooru ló fà á. Mọ̀ nígbà náà pé ibi tí mò ń sọ ni o dé yẹn.

Nípa `Dark mode`: ó ń ṣiṣẹ́ lórí ojú fóònù AMOLED, nítorí pé níbẹ̀, ibi tó bá dúdú kò tan iná rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ LCD, iná ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní títàn yálà ó dúdú tàbí ó funfun. Ó ku ibì kan: `Dark mode` kì í wọ inú géèmù. Pápá tí ẹ ti ń jà yóò máa jẹ́ bí wọ́n ṣe yà á. Nítorí náà, kò ní ṣe ohunkóhun fún bátìrì rẹ nígbà tí o bá wà nínú eré.

Ní ti gbígbá áàpù dànù, àwọn kan wà tó yẹ kí a tì, irú bí èyí tó ń lo máàpù tàbí tó ń kọrin lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí a máa gbá gbogbo wọn dànù ní gbogbo ìgbà kò bójú mu. Áàpù tí o gbá dànù yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbà tí ó bá padà wá, bíbẹ̀rẹ̀ láti òdo sì ń jẹ bátìrì ju kí ó dákẹ́ síbi tó wà lọ.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, `Power saving` ńkọ́? Kí ló dé tó fi ń mú kí eré háńgì?

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

Ohun mélòó kan ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Lọ sí `Settings`, kí o wọ `Battery`, kí o tẹ ọ̀rọ̀ `Power saving` fúnra rẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wàá rí àwọn ohun tó ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń ba eré rẹ jẹ́ ni `Limit CPU speed to 70%`. Pa á, kí o sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn.

Lẹ́yìn náà, padà sí `Display`, kí o wá `Motion smoothness`, kí o yan `Standard`. Ìyẹn ni 60Hz. Bí géèmù bá ń ya àwòrán 60, tí ojú fóònù sì ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan náà ni ó ń fi hàn ní ẹ̀ẹ̀mejì, bátìrì ló sì ń san owó rẹ̀. Lórí àwọn fóònù kan, `Adaptive` máa ń sọ ojú fóònù kalẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá wà nínú géèmù. Lórí àwọn mìíràn, bí ìka rẹ bá ti ń kan ojú fóònù, yóò wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti tirẹ̀ lè lọ sí `About phone`, kí ó wọ `Software information` bí ó bá jẹ́ Sámúsọ́ǹgì, kí ó wá `Build number`, kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà méje, kí `Developer options` lè ṣí. Bí `Show refresh rate` bá wà níbẹ̀, kí ó tàn án, yóò sì rí nọ́ńbà náà ní igun ojú fóònù bí ó ti ń ṣeré. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ti wà níbẹ̀, wo `Force 4x MSAA`. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún ọ pé kí o tàn án kí géèmù lè dára sí i, pa á. Ó ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún ọpọlọ fóònù nítorí igun àwòrán tó máa dán díẹ̀.

Má yí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yí ọ̀kan, kí o wọ `Training Ground`, kí o lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀, kí o wo ohun tó jẹ, kí o tó yí èkejì. Mo ní `Training Ground` nítorí pé eré gidi kì í dọ́gba: nígbà mìíràn wàá kú ní ìṣẹ́jú kẹta, nígbà mìíràn wàá wà nínú ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bẹ̀rẹ̀ ìgbà kọ̀ọ̀kan nígbà tí bátìrì bá wà ní ibi kan náà, bí 80%, tí fóònù náà sì ti tutù. Má fi sórí ṣáájà.

Ìyá Ìbejì, Dádá Estate

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Fóònù tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣe géèmù, bó bá ti dé bíi 27%, yóò kú lójijì. Bí a bá tún kì í sínú iná, yóò sọ pé 25% ni òun wà. Ǹjẹ́ sẹ́tíńgì tí ẹ ń sọ yìí lè wò ó sàn?

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

Rárá, Ìyá Ìbejì. Ti yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ sẹ́tíńgì. Bátìrì náà ti gbó. Bí bátìrì bá ti gbó, agbára rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí géèmù bá béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù yóò sì pa ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ṣì kù nínú rẹ̀. Dídín `Frame Rate` kù lè mú kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ bátìrì ni òkodoro ibẹ̀. Ẹ gbé fóònù náà sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ wú tàbí ojú rẹ̀ ti ń ṣí létí. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kì í sínú iná mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án títí tí ẹ ó fi gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ìyá Ìbejì, Dádá Estate

Ó wú díẹ̀ lóòótọ́. Mo rò pé ìgbà tó já bọ́ ló fà á ni. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn báyìí. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọ̀dọ́ Ọlá-Ìyà

Ẹ̀gbọ́n Alékúwodò, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n èmi rò pé ó yẹ kí ó lọ sí 40 tààrà, kí ó má dúró sí 60. 40 ni èmi ń lò, mo sì ń pa ènìyàn. Bátìrì mi pẹ́ ju ti gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣeré lọ.

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

40 dára fún ẹni tó fẹ́ràn láti dùbúlẹ̀ sínú koríko pẹ̀lú ìbọn tó ń yìn jìnnà. Fún ẹni tó máa ń já wọ inú ilé bá ọ̀tá, ìka rẹ yóò mọ̀ pé ohun kan ti pẹ́. Nínú 60, àwòrán tuntun ń dé lẹ́yìn nǹkan bí 17 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá. Nínú 40, ó di 25. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú ẹni tó ń wòran, kò kéré lójú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Èmi kò ní jà sí i. Kí oníkálukú yàn bí ó ṣe ń ṣeré.

Ọmọ Òkè-Fìà

Mo ti dán an wò bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, nínú `Training Ground`, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó jẹ 16%. Nígbà tí mo sọ `Frame Rate` di `Extreme`, ó bọ́ sí 12%. Mo wá sọ `Motion smoothness` di `Standard`, ó di 11%. Ìyẹn kò tó bí mo ṣe rò. Lẹ́yìn náà mo dín ìmọ́lẹ̀ kù láti òkè pátápátá sí ibi tí kò tó ìdajì, nínú yàrá ní alẹ́, ó sì di 9%. Adé, ìwọ náà kò jẹ̀bi tán.

Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti 95%, tí mo sì fẹ́ fi 15% sílẹ̀ fún ìpè, mo ní 80% láti lò. Tẹ́lẹ̀, ìyẹn yóò gbé mi dé wákàtí méjì àbọ̀. Báyìí, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹ̀yìn fóònù ṣì ń gbóná, ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ mú un.

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

Ìṣirò rẹ dára. Ooru tó dínkù náà bá a mu: bátìrì 5000 mAh ní nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 19 nínú, nítorí náà 16% láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú túmọ̀ sí pé fóònù ń fa nǹkan bíi wáàtì 6, 9% sì jẹ́ nǹkan bíi 3.5. Gbogbo èyí tí ó fà ló ń di ooru lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ń lo páálí ẹ̀yìn fóònù tó nípọn, yọ ọ́ nígbà tí o bá ń ṣeré.

Má retí kí nọ́ńbà náà rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán lóde, nítorí pé wàá gbé ìmọ́lẹ̀ sókè kí o tó lè ríran nínú oòrùn.

Adé Ìgbọ̀nà

Ó dáa, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ní yàrá ẹ̀yìn wa ní Ìgbọ̀nà, fóònù mi máa ń fò láti 4G sí 3G, yóò tún padà, bátìrì sì máa ń yára lọ níbẹ̀ ju ní pálọ̀ lọ. Mo tẹ `*#*#4636#*#*`, mo sì yan `LTE only`, kò sì fò mọ́.

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

Ìyẹn bọ́ sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rẹlẹ̀, fóònù yóò máa pariwo sókè kí òpó lè gbọ́ ọ, igbe yẹn sì ń jẹ bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún `LTE only`. Bí síìmù tàbí fóònù yín kò bá lè fi 4G gba ìpè, ẹnikẹ́ni kò ní lè pè yín títí tí ẹ ó fi yí i padà, ẹ sì lè má mọ̀. Kóòdù náà kò sì ń ṣí lórí gbogbo fóònù; ọ̀pọ̀ Sámúsọ́ǹgì ni yóò kọ̀ ọ́. Ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí n gbé àga súnmọ́ fèrèsé, tàbí kí n lo Wáì-Fáì bí ó bá wà.

Ọ̀dọ́ Ọlá-Ìyà

Lójú tèmi, Wáì-Fáì láti orí fóònù ẹlòmíràn kò ran ni lọ́wọ́. Bátìrì tèmi pẹ́, ti ọ̀rẹ́ mi tó tan `Hotspot` ló kú, a sì jọ wà nínú ikọ̀ kan náà.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí iná bá wà, ṣé ó burú kí n máa ṣeré lórí ṣáájà? Mo rí ohun kan nínú `Game Booster` tí wọ́n pè ní `Pause USB Power Delivery`.

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

Tan ìyẹn tí fóònù rẹ bá ní in. Bí o bá tàn án, iná láti inú ṣáájà yóò máa lọ tààrà sí iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe, kò ní máa kọjá sínú bátìrì, nítorí náà ooru gbígba iná kò ní kún ooru géèmù. Ṣáájà tó ń lo USB PD ni ó ń fẹ́, bátìrì sì gbọ́dọ̀ ti ju 20% lọ kí ó tó gbà. Ìṣòro ibẹ̀ fún àwa tí iná wa kì í dúró ni pé bátìrì kò ní kún nígbà tí o bá ń ṣeré. Bí o bá mọ̀ pé iná lè lọ láìpẹ́, jẹ́ kí fóònù kún ná kí o tó wọ inú eré.

Alhaji Ọjà-Ọba

Ẹ jọ̀ọ́, `Data Saver` tí mo sọ ńkọ́, ṣé kò ṣe bátìrì ní oore kankan?

Atúnfóònùṣe Alékúwodò

Ó lè ṣe é díẹ̀, Alhaji, nítorí pé àwọn áàpù ẹ̀yìn kò ní máa lo dátà. Mi ò tíì rí i kí ó hàn gbangba lórí bátìrì nígbà tí géèmù bá wà lójú. Kí Òkè-Fìà dán an wò fún wa pẹ̀lú `Training Ground` rẹ̀.